Dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oko adìẹ ẹlẹ́yin: bí a ṣe ń tò ó kó lè tètè pariwo

Kíréètì 92 ni ilé A yé lọ́sẹ̀ náà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kíréètì 96 ni. Ọ̀gá oko wo ìwé, ó ní, "Kíréètì mẹ́rin kọ́ ni yóò pa wá. Ẹyin a máa gòkè, a sì máa sọ̀." Ẹni tó bá ń ka kíréètì nìkan kò ní rí nǹkan kan wí sí i. Àmọ́ láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni oúnjẹ tí àwọn adìẹ náà ń jẹ ti ń dín kù, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé mìíràn ni a kọ ọ́ sí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Èmi ni mo ń bá àwọn oko kéékèèké bíi mélòó kan lẹ́yìn Ìbàdàn tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé A yẹn ni mo jókòó tún ṣíìtì wọn tò, òun náà ni mo fẹ́ fi hàn yín níbí, láti àpótí àkọ́kọ́ títí dé àwọ̀ pupa. Google Sheets ni mo fi ṣe é, torí pé ó ń ṣí lórí fóònù. Àwọn fọ́múlà kan náà ń ṣiṣẹ́ nínú Excel.

Kí la fẹ́ wò, kí la máa fi sílẹ̀

Ìwé tí mo bá lọ́wọ́ wọn ní òpó 19. Iye owó kíréètì wà níbẹ̀, orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀, iye àpò oúnjẹ tó kù ní sítọ́ọ̀ wà níbẹ̀, àní ọjọ́ tí wọ́n gbálẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo òpó 19 láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kó sì mọ ilé tó yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń yan òṣùwọ̀n: bí nọ́ńbà yìí bá burú, ṣé ohun kan wà tí a máa ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú? Bí èsì bá jẹ́ rárá, kó bọ́ sínú ìwé mìíràn. Iye owó ẹyin ló kọ́kọ́ já. Ọjà ló ń pinnu iye owó, adìẹ kò mọ̀ ọ́n, bí owó tó wọlé bá sì lọ sókè nítorí pé ọjà gbówó lórí, ó lè bo adìẹ tó ń ṣàìsàn mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó ní ìwé tirẹ̀.

Mẹ́rin ló kù lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ ni ìdá ẹyin, ìyẹn iye ẹyin tí a kó pín sí iye adìẹ tó wà láàyè lọ́jọ́ náà. Èkejì ni oúnjẹ tí adìẹ kan ń jẹ lóòjọ́, ní gíráàmù. Ẹ̀kẹta ni ikú. Ẹ̀kẹrin ni kíráàkì, ìyẹn ìdá ẹyin tó sán nínú gbogbo èyí tí a kó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kíréètì kò sí nínú mẹ́rin yìí. Kíréètì ń dín kù bí adìẹ bá kú tàbí tí a bá ta díẹ̀ nínú wọn, kódà bí àwọn tó kù bá ń yé dáadáa. Ó sì lè dúró sójú kan nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó adìẹ tuntun mọ́ wọn. Adìẹ ni kẹ́ ẹ fi pín in, kí nọ́ńbà náà lè sọ̀rọ̀ adìẹ.

Ojú ewé àkọ́kọ́: ojoojúmọ́

Ojú ewé mẹ́ta ni ṣíìtì náà ní. Mo sọ wọ́n ní `Ojoojumo`, `Ose` àti `Dasibodu`. Mi ò fi àmì ohùn sí wọn lára rárá, torí fọ́múlà ni yóò máa pè wọ́n, tí àmì kan bá sì yàtọ̀ sí èkejì, fọ́múlà kò ní rí ojú ewé náà.

Nínú `Ojoojumo`, ìlà kan ni fún ilé kan lọ́jọ́ kan. Ilé méjì, ọjọ́ 7, ìlà 14 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Òpó A ni ọjọ́, B ni ilé, C ni iye adìẹ tó wà láàárọ̀, D ni ikú, E ni adìẹ tí a tà, F ni ẹyin, G ni kíráàkì, H ni oúnjẹ ní kílò, I ni Ọjọ́ Ajé tí ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, J sì ni àkíyèsí. Ẹyin la ń kọ, a kì í kọ kíréètì. Ẹni tó bá kọ "13 àti 22" sínú àpótí kan ti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀, kò sì sí fọ́múlà tó lè rò ó.

Òpó C àti I ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kọ. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ iye adìẹ, mo sì rí i pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń dà kọ fún oṣù mẹ́ta gbáko, adìẹ ń kú, iye adìẹ kò yẹ̀. Ṣíìtì ni kó máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ilé A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adìẹ 480, ilé B pẹ̀lú 460, nítorí náà àpótí C2 gba èyí:

```
=IF(B2="A",480,460)-SUMIFS(D$1:D1,B$1:B1,B2)-SUMIFS(E$1:E1,B$1:B1,B2)
```

Ohun tó ń sọ ni pé: mú iye tí ilé yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, yọ gbogbo ikú àti títà tí a ti kọ fún ilé náà ní àwọn ìlà tó wà lókè. Ikú òní kò ní kan iye àárọ̀ òní, àárọ̀ ọ̀la ló máa hàn. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ìlà òní ni kẹ́ ẹ máa kọ sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má fi ọjọ́ àná há àárín.

Fún I2, Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ náà bọ́ sí:

```
=A2-WEEKDAY(A2,2)+1
```

Bí nọ́ńbà gbọọrọ bíi 45000 bá jáde, ẹ sọ fún òpó náà pé ọjọ́ ni, á tò ó padà.

Ohun méjì ló sábà ń ba ojú ewé yìí jẹ́. Èkíní ni ọjọ́. Bí ṣíìtì bá wà ní ètò Amẹ́ríkà, 05/03 tí ẹ kọ fún ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta á di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 25/03 á sì di ọ̀rọ̀ lásán torí kò sí oṣù 25. Ẹ lọ sí `File`, `Settings`, `Locale`, kẹ́ ẹ yan `United Kingdom`. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ kan ti di ọ̀rọ̀ ni pé á fara ti apá òsì àpótí, nígbà tí ọjọ́ gidi á wà lápá ọ̀tún. Èkejì ni orúkọ ilé. "A" àti "A " tí àyè wà lẹ́yìn rẹ̀ jọ ara wọn lójú wa, ṣùgbọ́n ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú fọ́múlà. Ẹ lo `Data validation` sórí òpó B, kó jẹ́ pé A tàbí B nìkan ni a lè yàn.

Bí oúnjẹ ṣe ń wọ òpó H tún nílò ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oko ń kọ "àpò méjì", àpò 25 kílò, ó parí. Àpò méjì lónìí, àpò méjì lọ́la, nọ́ńbà náà kò ní yí padà láé, bẹ́ẹ̀ ìyípadà rẹ̀ gan-an la ń wá. Bí a ṣe yanjú rẹ̀ ni pé a gbé ike pẹ́ńtì kan sórí òṣùwọ̀n, a mọ iye kílò oúnjẹ tó ń gbà, a wá ń ka ike. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù nínú ọpọ́n ní ìrọ̀lẹ́, a kó o jọ, a wọ̀n ọ́n, a yọ ọ́ kúrò. Nígbàkúùgbà tí oúnjẹ tuntun bá dé láti ilé ìlọ, ẹ tún ike náà wọ̀n, torí ike kan oúnjẹ tó kúnná àti ike kan èyí tó rí gbúngbùngbún kì í wúwo bákan náà. Bí ẹ kò bá tún un wọ̀n, dáṣíbọ́ọ̀dù á pariwo nítorí ike, á jọ pé adìẹ ló kọ oúnjẹ.

Ojú ewé kejì: ọ̀sẹ̀

Nínú `Ose`, ìlà kan ni fún ilé kan lọ́sẹ̀ kan. Òpó A ni Ọjọ́ Ajé, B ni ilé. C ń ka iye ọjọ́ tí a kọ ẹyin sílẹ̀:

```
=COUNTIFS(Ojoojumo!I:I,A2,Ojoojumo!B:B,B2,Ojoojumo!F:F,">0")
```

D ni àròpọ̀ iye adìẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí adìẹ 470 bá wà fún ọjọ́ 7, D jẹ́ 3,290.

```
=SUMIFS(Ojoojumo!C:C,Ojoojumo!I:I,A2,Ojoojumo!B:B,B2)
```

E ni ìdá ẹyin, F ni gíráàmù oúnjẹ fún adìẹ kan lóòjọ́:

```
=SUMIFS(Ojoojumo!F:F,Ojoojumo!I:I,A2,Ojoojumo!B:B,B2)/D2
=1000*SUMIFS(Ojoojumo!H:H,Ojoojumo!I:I,A2,Ojoojumo!B:B,B2)/D2
```

G ni ikú, ọ̀nà kan náà pẹ̀lú òpó D ti `Ojoojumo`, kò sí pínpín. H ni kíráàkì pín sí ẹyin. Ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé A lọ́sẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dán an wò. Adìẹ 471 ló wà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọ̀kan kú ní Ọjọ́rú, nítorí náà 470 ló kù láti Ọjọ́bọ̀. Àròpọ̀ adìẹ fún ọjọ́ méje jẹ́ 3,293. Ẹyin tí wọ́n kó lójoojúmọ́ láti Ọjọ́ Ajé ni 412, 410, 405, 396, 386, 378 àti 376, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,763. Pín in, ó jẹ́ 83.9%. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ kílò 343, ìyẹn gíráàmù 104 fún adìẹ kan lóòjọ́. Ẹyin 44 ló sán, 1.6%.

Ṣé 83.9% burú? Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè dáhùn. Àwọn adìẹ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí a ń sìn máa ń kọjá 90% nígbà tí wọ́n bá wà ní góńgó, bí ọjọ́ orí wọn bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 25 sí 30 tàbí kó lé díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà 83.9% lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún adìẹ tó ti dàgbà, kó sì jẹ́ ìpayà fún èyí tó ṣì wà ní góńgó. Ọ̀dọ̀ adìẹ yìí fúnra rẹ̀ ni a ti máa mú ohun tí a ó fi wé e: ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú. Ti ilé A jẹ́ 88.0, 87.6, 88.2 àti 87.4, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ 87.8%. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà jẹ́ gíráàmù 113, 112, 113, 112, ìpíndọ́gba 112.5.

Ojú ewé kẹta: èyí tí ọ̀gá ń wò

`Dasibodu` gbọ́dọ̀ wọ ojú fóònù kan láìfi ọwọ́ fà á. Àpótí B1 ni Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó parí kẹ́yìn. A kì í fi ọwọ́ kọ òun náà:

```
=TODAY()-WEEKDAY(TODAY(),2)-6
```

Ọ̀sẹ̀ tó ti parí ni mo wí, torí ọ̀sẹ̀ tó ṣì ń lọ á máa jẹ́ kí ikú dà bí ohun tó kéré, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló wà nínú rẹ̀.

Fún ilé A, ìlà 3 ni iye ọjọ́ tí a kọ, ìlà 4 ìdá ẹyin, ìlà 5 oúnjẹ, ìlà 6 ikú, ìlà 7 kíráàkì. Òpó B jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, C jẹ́ ìpíndọ́gba, D jẹ́ ìdájọ́. Fún ìdá ẹyin, B4 àti C4 rèé:

```
=SUMIFS(Ose!E:E,Ose!A:A,$B$1,Ose!B:B,"A")
=AVERAGEIFS(Ose!E:E,Ose!B:B,"A",Ose!A:A,"<"&$B$1,Ose!A:A,">="&$B$1-28)
```

Ìdájọ́ ló gba ìrònú jù. Fún ẹyin, mo fi yẹ́lò sí ìdínkù 2 nínú ọgọ́rùn-ún, pupa sí 4. Kí ló dé tí kì í ṣe 1? Torí pé adìẹ tó ti kọjá góńgó ń rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ń wo ẹ̀yìn, nítorí náà ìdínkù tó tó 1 lè wáyé láìsí ohun kan tó bàjẹ́. Bí yẹ́lò bá ń tàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú á ti mọ́ ọn lára, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn mọ́. D4:

```
=IF($B$3<7,"KO PE",IF(B4<=C4-0.04,"PUPA",IF(B4<=C4-0.02,"YELO","DARA")))
```

`KO PE` yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí ọjọ́ kan bá sọnù nínú àkọsílẹ̀, mi ò fẹ́ kí ṣíìtì dá ẹjọ́ kankan, kó kàn sọ pé ìwé kò pé. Kó tó di pé mo fi í síbẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ gbàgbé láti kọ ẹyin ti sọ ilé B di pupa lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá sì ti pe dókítà ẹran wá nítorí bírò tí kò ní yíǹkì.

Oúnjẹ jẹ́ yẹ́lò bí ó bá fi 3% dín sí ìpíndọ́gba, pupa bí ó bá tó 6%. Ẹ lo `C5*0.97` àti `C5*0.94` ní ipò èyí tó wà lókè. Kíráàkì ni tirẹ̀ ń bínú nígbà tó bá gòkè: yẹ́lò bí ó bá fi 1 lé sí ìpíndọ́gba, pupa bí ó bá fi 2 lé. Ní ti ikú, mi ò lo ìpíndọ́gba rárá. Nínú nǹkan bí adìẹ 480, ikú 0 tàbí 1 lọ́sẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, 2 tàbí 3 jẹ́ yẹ́lò, 4 sókè jẹ́ pupa. Ìpíndọ́gba nọ́ńbà kékeré bẹ́ẹ̀ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹyọ kan kò kú máa sọ ikú ọ̀kan ṣoṣo di àjálù.

Lẹ́yìn náà ẹ mú òpó D, ẹ lọ sí `Format`, `Conditional formatting`, kẹ́ ẹ kun `PUPA` ní pupa, `YELO` ní yẹ́lò, `KO PE` ní eérú. Ẹ fi `DARA` sílẹ̀ láìkùn. Àwọn kan fẹ́ràn àwọ̀ ewé fún un, ṣùgbọ́n bí gbogbo ojú ewé bá kún fún àwọ̀, pupa kan á sá pamọ́ sáàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ pẹ́ jù fún ohun mìíràn

Bí àrùn bíi Newcastle bá wọ ilé, ẹni tó dúró de Ọjọ́ Ajé ti pẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ìkìlọ̀ kan sínú `Ojoojumo` fúnra rẹ̀. Ẹ mú òpó F láti F2 lọ sísàlẹ̀, ẹ yan `Custom formula is`, kẹ́ ẹ kọ èyí:

```
=AND(F2<>"",F2<0.95*AVERAGEIFS(F:F,B:B,B2,A:A,">="&A2-7,A:A,"<"&A2))
```

Ó ń fi ẹyin òní wé ìpíndọ́gba ọjọ́ méje tó ṣáájú fún ilé kan náà, bí ó bá fi ju 5% dín, àpótí náà á pọ́n. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún H, kẹ́ ẹ fi H rọ́pò F níbi gbogbo. Fún ikú, `=D2>=2` ti tó. Adìẹ méjì lọ́jọ́ kan nínú ilé kan, ẹ pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìṣirò kankan.

Nígbà tí mo fi àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ ilé A yẹn gba inú òfin yìí kọjá, òpó ẹyin pọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ẹyin di 386. Ṣùgbọ́n òpó oúnjẹ ti pọ́n láti Ọjọ́rú, lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ kílò 49 dípò nǹkan bí 53. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ fi ṣáájú ẹyin. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀ pàápàá, ẹyin fi 3.9 dín, yẹ́lò lásán ni, kò tíì dé pupa. Oúnjẹ fi ju 7% dín, òun ni pupa. Ẹni tó bá ń wo ẹyin nìkan á sọ pé ká ṣì máa wò ó ná.

Ẹ ka àwọ̀ mẹ́rin pọ̀

Àwọ̀ kan ń sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jókòó síra ló ń sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ti ilé A, oúnjẹ lọ sílẹ̀, ẹyin tẹ̀ lé e, ikú jẹ́ ọ̀kan, kíráàkì kò kúrò lójú kan. Bí adìẹ kò bá jẹun tí kò sì kú, omi ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí adìẹ tí kò rí omi mu kì í jẹun. Lẹ́yìn omi ni ooru, lẹ́yìn ooru ni oúnjẹ tuntun tí wọn kò fẹ́. A gba ẹ̀gbẹ́ páìpù omi lọ, a ń fi ìka tẹ nípù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ páìpù, omi ń tú jáde. Ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ń kán tó tó tó. Asẹ́ tó wà lábẹ́ táǹkì ti dí, èérí inú rẹ̀ le bí amọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fífọ̀ rẹ̀ gbà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo adìẹ kò fi dáwọ́ ẹyin dúró lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn tó wà níwájú ń mu omi wọn, àwọn ti ẹ̀yìn ló ń jìyà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyin lọ sílẹ̀ tí oúnjẹ kò yẹ̀, ìtàn mìíràn nìyẹn. Adìẹ tó ń jẹun bíi ti àtẹ̀yìnwá ní okun láti yé. Ẹ wo bí iná alẹ́ ṣe ń tàn, ẹ wo ohun tí ilé ìlọ yí padà nínú oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì wo ọwọ́ ènìyàn. Mo ti rí ilé kan tí ẹyin rẹ̀ máa ń dín ní ọjọ́ Àìkú nìkan, ọjọ́ tí ọ̀gá kì í wá. Adìẹ kì í mọ ọjọ́ ìsinmi. Ìyẹn kò hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Àìkú kan, ìpíndọ́gba ti gbé e mì. Kíka ẹyin lẹ́ẹ̀mejì, nínú ilé àti ní sítọ́ọ̀, láti ọwọ́ ẹni méjì, ló tú u síta.

Bí ẹyin àti oúnjẹ bá já lulẹ̀ pọ̀, tí kíráàkì ń gòkè, tí èèpo ń ṣì tàbí tó ń rí wúruwùru, tí ikú sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe ìwádìí tiyín. Ẹ ti ilé náà pa, kí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ má wọ ilé kejì, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran. Kíráàkì nìkan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kì í sábà jẹ́ àrùn. Ọjọ́ orí adìẹ ni, tàbí èròjà tó ń mú èèpo le tó dín kù nínú oúnjẹ, tàbí waya kéèjì tó tẹ̀ tí ẹyin ń fi orí sọ.

Oúnjẹ tó bá ń gòkè láìsí ẹyin kún un, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ọpọ́n àti ihò eku kẹ́ ẹ tó fura sí adìẹ.

Ibi tí ìpíndọ́gba ti ń tan ni jẹ

Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní àléébù kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí nǹkan bá burú tó sì dúró síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibi tí ó burú dé ni ìpíndọ́gba á máa pè ní ilé rẹ̀, `DARA` á sì padà wá láìsí ẹni tó tún nǹkan kan ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdínkù tó ń yọ́ rìn, bí ìdajì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣe lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ títí láé. Fún èyí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń gbé ìdá ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ọjọ́ orí tí àwọn tó ń ta irú adìẹ náà máa ń tẹ̀ jáde. Irú Isa Brown àti Lohmann Brown ní tiwọn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Oko tiwa kì í sábà dé ibi tí àtẹ náà dé, mi ò sì retí pé kó dé ibẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni mo ń wò, bóyá ó ń fẹ̀ sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí a fọ asẹ́, oúnjẹ ilé A padà sí gíráàmù 111, ṣùgbọ́n ẹyin kò tíì kọjá 84.5%. Ọ̀gá fẹ́ kí a tún oúnjẹ yí padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Pupa ẹyin kan máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá dàgbà nínú adìẹ kí wọ́n tó fi èèpo bò ó, nítorí náà adìẹ tí òùngbẹ ti gbẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹyin tó gòkè sí 86.9%.

Ohun tó kù ni pé ọ̀sẹ̀ omi yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e ti wọ inú ìpíndọ́gba, wọ́n sì fà á sílẹ̀, tí ilé A á fi rọrùn láti rí `DARA` gbà fún oṣù kan. Mo fi òpó I kún `Ose`. Ọ̀sẹ̀ tí a bá mọ ohun tó ṣe é, a kọ X síbẹ̀, a sì kọ ìdí rẹ̀ sí òpó J: "asẹ́ omi dí, a fọ̀ ọ́". C4 wá di èyí:

```
=AVERAGEIFS(Ose!E:E,Ose!B:B,"A",Ose!A:A,"<"&$B$1,Ose!A:A,">="&$B$1-28,Ose!I:I,"<>X")
```

Ọ̀sẹ̀ tí a kò mọ ohun tó ṣe é kò gbọdọ̀ gba X. Ọ̀gá ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a kò lè fi X sí ọ̀sẹ̀ tí ẹyin ilé B sọ̀, kí ojú ewé lè mọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí a máa kọ sí J.